Ẹ Ǹlẹ́ O, Mo Fẹ́ Béèrè

Màmá kan wà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tó jẹ́ pé aró ni iṣẹ́ wọn láti kékeré. Wọ́n ń rẹ àdìrẹ, wọ́n sì ń tà á. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin ní kí n bá wọn ṣe ìkànnì kan sórí ayélujára, mo fi fọ́ọ̀mù sí i bí gbogbo àwa tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣe máa ń ṣe: ẹ kọ orúkọ yín, ẹ kọ ímeèlì yín, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì tó wà nísàlẹ̀. Oṣù mẹ́rin kọjá, ìbéèrè mẹ́sàn-án péré ló gba inú fọ́ọ̀mù yẹn wọlé. Mẹ́ta nínú wọn bọ́ sínú àpótí tí ímeèlì máa ń da ìdọ̀tí sí, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó rí wọn. Ẹnì kan ṣi ímeèlì ara rẹ̀ kọ, a kò sì rí ọ̀nà tí a ó gbà dá a lóhùn.

Ní gbogbo àkókò yẹn, fóònù màmá kò sinmi. Àwọn ènìyàn ń wo ìkànnì náà, wọ́n ń da nọ́ńbà tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ, wọ́n ń fi pamọ́ sórí fóònù wọn, wọ́n wá ń ṣí Wásáàpù láti kọ̀wé sí màmá. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀, fọ́ọ̀mù sì wà níwájú wọn tí wọn kò fọwọ́ kàn. Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé oníbàárà wa kì í fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ohun tí kò ní dá a lóhùn. Ó fẹ́ kí ènìyàn, kí wọ́n sì kí òun padà, kí ó tó sọ ohun tó ń wá. Fọ́ọ̀mù kò mọ ìkíni.

Nítorí náà a yọ fọ́ọ̀mù kúrò, a fi bọ́tìnì Wásáàpù síbẹ̀. Ìyẹn kò gbà wá ju wákàtí kan lọ. Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn bọ́tìnì náà ló gbà wá ní oṣù méjì, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bọ́tìnì fúnra rẹ̀, nítorí àṣìṣe inú rẹ̀ kì í pariwo.

Ohun tó wà nínú bọ́tìnì náà kò ju àdírẹ́sì kan lọ. Wásáàpù ló ṣe é fún gbogbo ènìyàn, kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Bí a bá ní nọ́ńbà yín jẹ́ 0800 000 0000, báyìí ni àdírẹ́sì náà yóò ṣe rí:

```
https://wa.me/2348000000000
```

Ẹ wo òdo tó wà níwájú nọ́ńbà wa ní Nàìjíríà. A ti yọ ọ́ kúrò, a fi 234 tí í ṣe nọ́ńbà orílẹ̀-èdè rọ́pò rẹ̀. A kò fi àmì ìròpọ̀ síwájú rẹ̀, kò sí àlàfo láàárín, kò sì sí àmì kankan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á kọ 234, wọn kò sì ní yọ òdo kúrò, oníbàárà á tẹ bọ́tìnì, Wásáàpù á wí fún un pé nọ́ńbà yìí kò sí lórí Wásáàpù. Oníbàárà náà á rò pé ẹ ti pa ilé ìtajà tì. Kò sí ìró kankan tí yóò ta sí yín létí, nítorí kò sí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín rárá. Àwọn ará ilé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin kan náà ló mú wọn: nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 07 yóò di 447.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ fi lè mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́ ni kí ẹ yá fóònù ẹlòmíràn, ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́ rí, kí ẹ fi tẹ bọ́tìnì náà, kí ẹ sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, nítorí ó máa ń gbé ènìyàn lọ sí ojú ìwé mìíràn kó tó ṣí Wásáàpù níbẹ̀. Bọ́tìnì tí a fi fóònù ara wa dán wò nìkan, a kò tíì dán an wò.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù nínú àdírẹ́sì náà ni ohun tí a lè fi kún ìdí rẹ̀. A lè bá oníbàárà kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ó jẹ́ pé bí ó bá ti tẹ bọ́tìnì, ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú àpótí ìkọ̀wé rẹ̀, kí ó kàn fi ránṣẹ́. Orí ìkànnì màmá, gbogbo àdìrẹ ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ojú ìwé Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya, nọ́ńbà tirẹ̀ ni I07. Bọ́tìnì ojú ìwé yẹn rèé:

```
<a href="https://wa.me/2348000000000?text=E%20nle%20o.%20Mo%20fe%20beere%20nipa%20Ibadandun%20I07.">
  Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù
</a>
```

Ohun tí ẹ rí tó jọ `%20` yẹn ni àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, nítorí àdírẹ́sì ayélujára kò gbọdọ̀ ní àlàfo nínú. Mo kọ Yorùbá ibẹ̀ láìfi àmì sí i, nítorí lẹ́tà bí ẹ àti ọ àti àmì ohùn máa ń di òǹkà gígùn nínú àdírẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ àmì lè lò ó, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣe òǹkà náà nípa lílo `encodeURIComponent`, kó má fi ọwọ́ kọ ọ́. Àmì méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: `&` àti `#`. Mo ti kọ #I07 rí, mo sì ń rò pé ó dára. Iṣẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ màmá kàn ń parí sí «Mo fe beere nipa Ibadandun», nọ́ńbà kò sí níbẹ̀, nítorí àdírẹ́sì ayélujára máa ń gé ọ̀rọ̀ síbi tí àmì yẹn bá wà. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko la fi ń bi àwọn oníbàárà pé èwo nínú Ìbàdàndùn ni, láì mọ̀ pé èmi ni mo gé e kúrò.

Ẹ rí i pé «Ẹ ǹlẹ́ o» ni mo fi bẹ̀rẹ̀. «Ẹ káàsán» ni mo kọ́kọ́ kọ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń wo àdìrẹ ní aago mọ́kànlá alẹ́, inú wọn kò sì dùn láti máa kí màmá ní ìkí ọ̀sán lóru. Àwọn kan pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ pátápátá kí wọ́n lè kí wọn dáadáa, nọ́ńbà aṣọ sì bá a lọ. «Ẹ ǹlẹ́ o» kò ní àkókò, gbogbo ìgbà ló bá mu.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹni tó ń sanwó ìpolówó mọ̀. Títẹ bọ́tìnì kì í ṣe ìbéèrè. Iṣẹ́ kì í lọ fúnra rẹ̀, oníbàárà gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ fi ránṣẹ́. Bí ó bá tẹ bọ́tìnì tó sì yí èrò padà, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n, ẹ kò sì ní rí nọ́ńbà rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé igba ènìyàn ló béèrè ọjà yín lóṣù yìí nítorí pé wọ́n tẹ bọ́tìnì nígbà igba, ẹ ṣí Wásáàpù yín kí ẹ ka iye tó kọ̀wé ní tòótọ́. Àti pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń lo Wásáàpù. A fi nọ́ńbà pípè sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì náà, pẹ̀lú `tel:+2348000000000`. Ibẹ̀ yẹn, àmì ìròpọ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Ó tán lórí bọ́tìnì. Ẹ jẹ́ ká wá sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí fọ́ọ̀mù tilẹ̀ burú tó, ó ń ṣe iṣẹ́ méjì tí a kì í kíyè sí. Ó ń béèrè gbogbo ohun tí a nílò ní ẹ̀ẹ̀kan, ó sì ń to ìdáhùn jọ síbì kan. Nígbà tí a bá yọ ọ́, iṣẹ́ méjèèjì bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn. Oníbàárà orí Wásáàpù lè sọ iye yáàdì tó fẹ́ ní ọjọ́ Ajé, kí ó fi àwòrán ránṣẹ́ ní ọjọ́rú, kí ó sọ ìlú tó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu tó gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó sì yí iye yáàdì padà láàárín ẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ yìí jọ, ẹnì kan yóò gé aṣọ tí ó ṣi ìwọ̀n.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a kó iṣẹ́ màmá kúrò lórí Wásáàpù tí wọ́n fi ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Wásáàpù mìíràn wà fún oníṣòwò, `WhatsApp Business` ni orúkọ rẹ̀. Ó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ọ̀fẹ́ sì ni. Nọ́ńbà kan kò lè wà lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà a ra síìmù tuntun. Ẹ má ṣe ju síìmù bẹ́ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ìgbà tí a bá ń forúkọ sílẹ̀ ni Wásáàpù máa ń fi síìmù wá wa, lẹ́yìn náà détà nìkan ló ń lò, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í ra káàdì sórí síìmù náà mọ́. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà ni ilé iṣẹ́ fóònù lè tì pa, bí ó bá sì tún pẹ́ tó oṣù mẹ́fà mìíràn, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni yẹn lè forúkọ sílẹ̀ sórí Wásáàpù pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì yín, káwọn oníbàárà yín sì máa kọ̀wé sí i. A máa ń fi síìmù màmá pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. A sì ti fi òǹkà ìkọ̀kọ̀ oní-nọ́ńbà mẹ́fà dì í, ní ibi tí wọ́n pè ní `Two-step verification`.

Lórí Wásáàpù oníṣòwò, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní `Greeting message`. Ìkíni tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ ni, sí ẹni tó bá kọ̀wé sí yín fún ìgbà àkọ́kọ́, tàbí ẹni tí ọjọ́ mẹ́rìnlá ti kọjá tí ẹ kò ti bá ara yín sọ̀rọ̀. Ọmọ màmá kọ ìkíni kan tó gùn bí ìwé ìpè ìyàwó: ìtàn ilé ìtajà, iye gbogbo aṣọ, nọ́ńbà báńkì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ènìyàn méjì sanwó fún aṣọ tí kò sí nílẹ̀ mọ́, torí pé nọ́ńbà báńkì dé ọwọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀. A dá owó padà, a sì gé ìkíni náà kù. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ni: «Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé sí wa. A máa dá yín lóhùn láàárín wákàtí méjì, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méje alẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo ni ẹ wà?» Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, a sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni. Ìlú ló ń sọ iye tí a ó fi gbé aṣọ lọ, òun náà ló sì ń sọ bóyá oníbàárà lè wá fojú rí i.

Ìgbà tí wọ́n bá ti dáhùn, ènìyàn gidi ló kàn. Ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ ni «Èló ni?» Àwọn oníṣòwò kan gbà pé kò yẹ kí wọ́n tètè sọ iye, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ márùn-ún. Mo lòdì sí i gan-an. Ẹni tó béèrè iye, ẹ sọ iye fún un, kí ẹ tó wá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Bí ẹ bá fi ìbéèrè dá ìbéèrè lóhùn, ó máa ń dà bíi pé ẹ ń wo apá rẹ̀ kí ẹ tó dá iye lé e. Ìdáhùn yẹn ti wà ní kíkọ sílẹ̀ fún màmá nínú `Quick replies`: wọ́n kàn ní láti tẹ `/iye`, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á jáde, wọ́n á sì tún un ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Àwọn àgbàlagbà oníbàárà kì í fẹ́ tẹ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó dára, ó sì yá wọn lára. Ṣùgbọ́n a kò lè wá ọ̀rọ̀ inú ohùn bí a ṣe ń wá lẹ́tà. Lẹ́yìn oṣù kan, kò sẹ́ni tí yóò mọ inú ohùn wo ni wọ́n ti sọ pé àwọn fẹ́ aró tó dúdú kìrìkìrì. Nítorí náà òfin wà fún wa: ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́dọ̀ kọ kókó rẹ̀ padà sí oníbàárà ní gbólóhùn kan tàbí méjì. «Ẹ ní yáàdì mẹ́wàá, aró dúdú, kí ó tó dé ọjọ́ kejìlá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mà?»

Àìsàn tó máa ń pa ìbéèrè lórí Wásáàpù ni pé a kà á, a sì gbàgbé. Màmá wà nínú ọkọ̀, iṣẹ́ wọlé, wọ́n ṣí i, wọ́n kà á, wọ́n ní àwọn yóò dáhùn nílé. Àmì pé ó jẹ́ tuntun ti kúrò lára rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ogún ti gùn ún lórí. Lọ́dọ̀ oníbàárà, àmì méjì ti yí sí búlúù, ó rí i pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ òun, wọ́n sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn dùn ún ju kí wọ́n má kà á lọ. Ọ̀nà méjì la fi ń dènà rẹ̀. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá ṣí i tí ẹ kò lè dáhùn, ẹ tẹ orúkọ náà pẹ́ títí kí ẹ mú `Mark as unread`, àmì tuntun á padà sára rẹ̀. Èkejì ni àmì àwọ̀ tí wọ́n pè ní `Labels`. Mẹ́rin péré ni tiwa: ẹni tuntun, ẹni tí a ń dúró de ìdáhùn rẹ̀, ẹni tó ti sanwó, ẹni tí a ti gbé tirẹ̀ lọ. A gbìyànjú mẹ́wàá rí, kò sẹ́ni tó rántí ohun tí èkeje túmọ̀ sí. Lálaalẹ́, kí ilé ìtajà tó ti ilẹ̀kùn, ọmọ màmá yóò ṣí «ẹni tuntun», kò sì ní lọ sílé àfi bí ibẹ̀ bá ṣófo.

Ọmọ náà ń gbé ní Ìbàdàn láàárín ọ̀sẹ̀. Wásáàpù gbà kí a so ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn mọ́ fóònù kan, nítorí náà òun náà lè dáhùn láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ó dá wàhálà sílẹ̀. Màmá dá oníbàárà kan lóhùn ní iye kan, ọmọ tún dá a lóhùn ní iye mìíràn ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà, oníbàárà sì mú èyí tó kéré. A kò lè bá a jà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dá ènìyàn lóhùn ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dé òpin, yóò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìparí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kí oníbàárà lè mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ti owó, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwòrán tó fi hàn pé ènìyàn ti sanwó, àwòrán ni, kì í ṣe owó. Àlàátì irọ́ pọ̀ nígboro. A kì í gbé aṣọ kúrò nílẹ̀ àfi bí a bá ti ṣí áàpù báńkì tiwa, tí a sì rí owó náà níbẹ̀.

Ohun mìíràn tó yẹ kí n sọ ni ti nọ́ńbà àwọn tó kọ̀wé. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì láti béèrè iye aṣọ kan kò ní kí ẹ fi òun sínú ẹgbẹ́ Wásáàpù igba ènìyàn, níbi tí gbogbo wọn á ti máa rí nọ́ńbà òun. Mo ti rí ilé ìtajà kan tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rí obìnrin tí àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ń pè láàárín òru nítorí rẹ̀. Òfin ààbò détà ti Nàìjíríà ti wà láti ọdún 2023, ó sì ní kí a lo nọ́ńbà ẹni fún ìdí tó fi fún wa nìkan. Kí òfin tó dé pàápàá, ó yẹ kí ojú ti ẹni tó bá ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi oníbàárà kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ lè rí bí gbogbo rẹ̀ ṣe so pọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, iṣẹ́ kan wọlé: «E nle o. Mo fe beere nipa Ibadandun I07.» Lẹ́yìn ìkíni tó ń lọ fúnra rẹ̀, ó dáhùn pé Lọ́ńdọ̀nù ni òun wà, ó sì béèrè iye. Ọmọ màmá sọ iye yáàdì márùn-ún fún un, ó wá béèrè pé ṣé ti ara rẹ̀ nìkan ni. Obìnrin náà fi ọ̀rọ̀ ẹnu ìṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́. Aṣọ ẹbí ni, àbúrò rẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó ní Abẹ́òkúta níbí, ọgbọ̀n ènìyàn ni yóò wọ̀ ọ́, àwọn obìnrin yóò gba yáàdì márùn-ún, àwọn ọkùnrin mẹ́rin. Ó bi wá bóyá a lè ṣe é tán láàárín oṣù kan àbọ̀.

Bó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù ni, ibo ni ì bá fi ìyẹn sí? Kò mọ̀ nígbà tó tẹ bọ́tìnì pé òun yóò ra tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ó fi àwòrán ránṣẹ́, màmá fúnra wọn fi ọ̀rọ̀ ẹnu ránṣẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya Ìbàdàndùn, ìyẹn kò ṣeé kánjú sí, ṣùgbọ́n oṣù kan yóò tó. Iye obìnrin yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà yìí ni a wá kọ fọ́ọ̀mù. Àwa la kọ ọ́ fún un, ní ìparí ọ̀rọ̀, nígbà tí gbogbo ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ti di mímọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, tí ọmọ màmá kọ ní ọjọ́ Ajé: «Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Ohun tí a jọ sọ rèé. Ìbàdàndùn I07, aró dúdú. Obìnrin 18, yáàdì 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 90. Ọkùnrin 12, yáàdì 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 48. Àpapọ̀ yáàdì 138. Ìdajì owó kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì tó kù kí a tó gbé e. Àbúrò yín ni yóò wá gbà á ní Ìtòkú. Bí ó bá tọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ BẸ́Ẹ̀ NI. Bí ohun kan bá yí padà lẹ́yìn èyí, a ó tún iṣẹ́ yìí kọ, ẹ ó sì tún fọwọ́ sí i.» Obìnrin náà kọ «Bẹ́ẹ̀ ni». A fi àmì ìràwọ̀ sí iṣẹ́ náà kí a lè tètè rí i, a sì yí àwọ̀ rẹ̀ sí ti ẹni tó ti sanwó nígbà tí ìdajì owó dé inú báńkì. A da àwọn òǹkà náà kọ sínú ìwé ńlá tí màmá fi ń ṣírò, nítorí fóònù lè bọ́ sómi aró nígbàkúùgbà.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àbúrò ìyàwó wá sí Ìtòkú. Ó ka aṣọ náà, ó ní kò pé, pé ogún obìnrin ni ẹ̀gbọ́n òun sọ. Ojú rẹ̀ le, kò sì burú, nítorí ìgbéyàwó ti ku ọjọ́ díẹ̀. Màmá kò bá a jiyàn. Wọ́n ní kí ọmọ wọn ṣí iṣẹ́ onírawọ̀ náà, kí ó sì fi í ránṣẹ́ padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin 18. Ìdáhùn dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀: àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ méjì ló tún fẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí a ti sọ̀rọ̀ tán, òun ló gbàgbé láti sọ fún wa. Ó sanwó yáàdì mẹ́wàá mìíràn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì béèrè bóyá ó kù nílẹ̀. Ó kù. Màmá ti ya ju bí wọ́n ṣe ní lọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún aṣọ ẹbí. Ọmọ wọn tún iṣẹ́ náà kọ, ó fi 20 rọ́pò 18, ó fi 148 rọ́pò 138, ó sì dúró de «Bẹ́ẹ̀ ni» kí ó tó gé aṣọ.